Lọ́ra àti Yára pàdé nínú lísìtì, àmọ́ wọn ò bá mi rí ẹnu àyípo

ọmọ_Ìgbọ̀nà, Ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ kóòdù ní Òṣogbo. Èdè C ni mò ń lò, pẹ̀lú pọ́ńtà méjì: Lọ́ra ń gbé ẹsẹ̀ kan, Yára ń gbé méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Kóòdù ìsàlẹ̀ yìí ń mọ̀ pé àyípo wà nínú lísìtì alásopọ̀ mi, ṣùgbọ́n bó bá kan kó sọ nóòdù tí àyípo ti bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló ń yí lọ títí màá fi tẹ Ctrl+C. Nóòdù mẹ́jọ ni mo fi ń dán an wò, láti 0 dé 7, 7 sì padà tọ́ka sí 3. Èyí tó rú mi lójú jù ni pé nígbà tí mo jẹ́ kí nóòdù tó kẹ́yìn tọ́ka sí ara rẹ̀, ó dáhùn dáadáa. Kí ló fà á?

```c
Node *lora = head;
Node *yara = head->next;
while (lora != yara) {
    if (yara == NULL || yara->next == NULL)
        return NULL;
    lora = lora->next;
    yara = yara->next->next;
}
lora = head;
while (lora != yara) {
    lora = lora->next;
    yara = yara->next;
}
return lora;
```

---

Sùúrù_ni, 8:31 àárọ̀

Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú pẹ̀lú pọ́ńtà méjì. Wo ohun tó wà nínú nóòdù. Tí `lora->data` bá ti bá `yara->data` dọ́gba, àyípo ti wà nìyẹn. Ó rọrùn láti kà ju kí èèyàn máa fi àdírẹ́sì wé àdírẹ́sì.

---

Alágbẹ̀dẹ_C, 9:02 àárọ̀

Ibi tí Yára ti gbéra ni ẹjọ́ wà. Lọ́ra dúró sí `head`, o sì ti fi Yára sí `head->next` kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀. Fún apá kìíní kóòdù yẹn, kò sí ewu: tí àyípo bá wà, wọn á pàdé náà ni. Apá kejì ni kò lè gbà á, torí ohun tó gbára lé kì í jóòótọ́ mọ́ tí àwọn méjèèjì ò bá jọ gbéra lójú kan.

Fi bébà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí a rìn ín bó ṣe yẹ ná. Àwọn méjèèjì wà ní 0. Ìṣísẹ̀ kìíní, Lọ́ra bọ́ sí 1, Yára bọ́ sí 2. Ìkejì, 2 àti 4. Ìkẹta, 3 àti 6. Ní ìkẹrin, Lọ́ra dé 4, Yára kúrò ní 6 ó gba 7 kọjá, ó sì bọ́ sí 3. Ní ìkarùn-ún, Lọ́ra dé 5, Yára náà gba 4 dé 5. Wọ́n pàdé.

Ní báyìí, wo iye tí olúkúlùkù ti rìn. Ìsopọ̀ márùn-ún ni Lọ́ra tẹ̀lé, Yára tẹ̀lé mẹ́wàá. Orí nóòdù kan náà ni wọ́n dúró sí, nítorí náà, ohun tí Yára fi ju Lọ́ra lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi ìyípo, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, ì báà jẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé ìlọ́po méjì Lọ́ra ni Yára ń rìn, ohun tó fi jù ú lọ dọ́gba pẹ̀lú ohun tí Lọ́ra fúnra rẹ̀ ti rìn láti orí lísìtì. Ohun tí apá kejì gbára lé gan-an nìyẹn: ìrìn Lọ́ra láti `head` dé ibi ìpàdé jẹ́ odidi ìyípo. Nínú tìrẹ, ó jẹ́ 5, àyípo rẹ náà sì jẹ́ 5 (3, 4, 5, 6, 7).

Torí náà, tí ẹnì kan bá bẹ̀rẹ̀ ní 0, tí ẹnì kejì sì bẹ̀rẹ̀ ní ibi ìpàdé, tí àwọn méjèèjì ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ni ti 0 fi máa dé 3. Ẹnì kejì á ti gba 6, 7, á sì dé 3 náà. Ìsopọ̀ mẹ́jọ ni tirẹ̀ láti orí lísìtì, 8 sì ni 3 pẹ̀lú ìyípo kan. Kò sí ibòmíì tó lè wà.

Wá wo tìrẹ. Lọ́ra ní 0, Yára ní 1. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan, 1 àti 3. Lẹ́yìn méjì, 2 àti 5. Lẹ́yìn mẹ́ta, 3 àti 7. Lẹ́yìn mẹ́rin, 4 àti 4. Wọ́n pàdé ní 4, ṣùgbọ́n ìrìn Lọ́ra jẹ́ 4, kì í ṣe 5. Ó ku ẹyọ kan kó pé ìyípo. Bí o bá wá dá Lọ́ra padà sí 0, tí Yára dúró ní 4, wọ́n á máa lọ báyìí: 0 àti 4, 1 àti 5, 2 àti 6, 3 àti 7, 4 àti 3, 5 àti 4, 6 àti 5. Àlàfo ẹyọ kan yẹn ò ní parẹ́ láé, torí ìṣísẹ̀ wọn ti dọ́gba. Ìdí tí o fi ń tẹ Ctrl+C nìyẹn.

Nóòdù tó tọ́ka sí ara rẹ̀ dáhùn torí pé gígùn àyípo rẹ̀ jẹ́ 1. Níbẹ̀, ẹyọ kan tó kù náà jẹ́ odidi ìyípo. Oríire ni, kì í ṣe pé kóòdù náà tọ̀nà. Gbogbo àyípo tó bá ti gùn ju 1 lọ ló máa há sí, láìku ẹyọ kan. Dán nóòdù méjì péré wò, kí 1 padà tọ́ka sí 0, wàá rí i.

Àtúnṣe rẹ̀:

```c
Node *lora = head, *yara = head;
while (yara != NULL && yara->next != NULL) {
    lora = lora->next;
    yara = yara->next->next;
    if (lora == yara) {
        lora = head;
        while (lora != yara) {
            lora = lora->next;
            yara = yara->next;
        }
        return lora;
    }
}
return NULL;
```

Ìwọ kọ́ lo kọ́kọ́ ṣe é. Ẹni tó bá kọ `while (lora != yara)` á rí i pé lúùpù náà ò ní wọlé rárá tí àwọn méjèèjì bá wà ní `head`, ló bá ti Yára síwájú kó lè wọlé. Kí a gbé ẹsẹ̀ ná, kí a tó fi wọ́n wéra, ló yanjú rẹ̀. Àǹfààní kejì ni pé `head->next` tìrẹ á mú ètò náà ṣubú tí lísìtì bá ṣófo. Èyí kò ní ṣubú.

Sùúrù_ni, ẹ má ṣe gbà á nímọ̀ràn yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wo lísìtì tó ní 4, 7, 7, 9, tí kò sì ní àyípo kankan. Lẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo, Lọ́ra wà lórí 7 àkọ́kọ́, Yára wà lórí 7 kejì. Tí a bá ń wo ohun inú wọn, a ó ní àyípo wà. Irọ́ ni. Àdírẹ́sì nóòdù nìkan ló lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

---

Sùúrù_ni, 9:20 àárọ̀

Ẹ ṣeun, mo ti rí i. Lísìtì tí nọ́ńbà rẹ̀ kì í tún ara rẹ̀ ni mo ní lọ́kàn, àmọ́ mi ò sọ bẹ́ẹ̀.

---

Adé_Òkèfìà, 9:47 àárọ̀

Ohun tí Alágbẹ̀dẹ sọ yẹn dà bí ọjà ọrún. Ẹni tó bá ka òní mọ́ ọn á ní ọrún ni, ẹni tí kò bá ka òní á ní ọjọ́ mẹ́rin ló kù. Ọjọ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, àmọ́ ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò pẹ̀lú ọ̀kan, tó wá parí rẹ̀ pẹ̀lú èkejì, kò ní bá ọjà. ọmọ_Ìgbọ̀nà ka nóòdù 0 mọ́ ti Lọ́ra nígbà ìgbéra, kò kà á mọ́ ti Yára.

Ó sì túmọ̀ sí pé o lè fi ìgbéra rẹ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí o kàn san ẹyọ kan tó kù yẹn padà kí apá kejì tó bẹ̀rẹ̀:

```c
lora = head;
yara = yara->next;
```

Wọ́n pàdé ní 4, Yára bọ́ sí 5, ó wá rí bó ṣe yẹ kó rí.

---

Alágbẹ̀dẹ_C, 9:58 àárọ̀

Òótọ́ ni, ó máa ṣiṣẹ́. Èmi ò ní kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá kà á lóṣù mẹ́fà sí i ò ní mọ ìdí tí ìlà yẹn fi wà níbẹ̀, á yọ ọ́ dànù. Tí o bá máa lò ó, kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

---

Tóyìn_kóòdù, 11:05 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Yára ò gbọdọ̀ rìn ju méjì lọ láé. Tí ó bá ń fò mẹ́ta mẹ́ta, ó lè máa fo Lọ́ra kọjá títí ayé kí wọ́n má pàdé. Mo ti rí i pẹ̀lú àyípo oní-nóòdù mẹ́rin, ó há pátápátá. Méjì nìkan ló ṣiṣẹ́.

---

Alágbẹ̀dẹ_C, 11:40 àárọ̀

Tóyìn, ohun tó o rí yẹn ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìdí tó o fún un kọ́ ló fà á. Mo dájú pé nínú kóòdù yẹn, Yára ti wà níwájú pẹ̀lú ẹyọ kan kí wọ́n tó gbéra, bíi ti ọmọ_Ìgbọ̀nà. Wo àlàfo àárín wọn: ó bẹ̀rẹ̀ láti 1, ó sì ń fi 2 kún ara rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó di 3, 5, 7, 9. Wọn ò lè pàdé àfi tí àlàfo náà bá jẹ́ odidi ìyípo, ìyẹn 4, 8, 12. Nọ́ńbà tí kò ṣeé pín sí méjì ò lè bá èyí tó ṣeé pín pàdé láé. Ó há nìyẹn.

Ṣùgbọ́n tí àwọn méjèèjì bá jọ gbéra láti `head`, tí Lọ́ra ń rìn 1, tí Yára ń rìn 3, wọ́n á pàdé dandan. Àlàfo wọn jẹ́ ìlọ́po méjì ìrìn Lọ́ra. Nígbà tí Lọ́ra bá ti wọ inú àyípo, tí ìrìn rẹ̀ sì jẹ́ odidi ìyípo, àlàfo náà á jẹ́ odidi ìyípo. Kò sí bí ìyẹn ò ṣe ní ṣẹlẹ̀.

Ibi tí 3 ti ń dani ni apá kejì. Gbé lísìtì oní-nóòdù mẹ́sàn-án kalẹ̀, 0 dé 8, kí 8 padà sí 5. Ìsopọ̀ márùn-ún ló wà kí a tó wọ àyípo, gígùn àyípo sì jẹ́ 4. Pẹ̀lú 1 àti 3, wọ́n á lọ báyìí: 1 àti 3, 2 àti 6, 3 àti 5, 4 àti 8, 5 àti 7, 6 àti 6. Wọ́n pàdé ní nóòdù 6 lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́fà. Àlàfo jẹ́ 12, ìyípo mẹ́ta géérégé. Ṣùgbọ́n ìrìn Lọ́ra jẹ́ 6, ìyẹn ìyípo kan àbọ̀. Dá ọ̀kan padà sí 0, kí àwọn méjèèjì rìn márùn-ún: ti 0 á dé 5, èkejì á dé 7. Àlàfo méjì nínú àyípo mẹ́rin, á sì wà bẹ́ẹ̀ títí.

Nítorí náà, ohun tí 1 àti 2 ní tí àwọn yòókù ò ní ni pé ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1. Ìyẹn ló jẹ́ kí àlàfo àti ìrìn Lọ́ra jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá àyípo wà nìkan, 3 á ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o gbọ́dọ̀ yẹ NULL wò nígbà mẹ́ta dípò méjì. Tí o bá fẹ́ ẹnu àyípo, fi í sílẹ̀ ní 2.

---

Tóyìn_kóòdù, 12:16 ọ̀sán

Mo lọ wò ó. `head->next` ni mo fi Yára sí lóòótọ́. Mo yí i padà, wọ́n pàdé. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n.

---

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́, 1:33 ọ̀sán

Ẹ káàsán o. Kì í ṣe èdè C ni tèmi, àmọ́ ó jọ ọ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ni mò ń ṣètò dátábéèsì fún. Nínú tébù àwọn ọmọ ẹgbẹ́, olúkúlùkù ní `olugbowo_id`, ìyẹn nọ́ńbà ẹni tó mú un wọlé. Ìròyìn tó ń gun òkè láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ dé ọ̀dọ̀ olùdásílẹ̀ kì í parí lórí àwọn kan. Mo rò pé ẹnì kan ti fi A ṣe olùgbọ̀wọ́ B, tí ẹlòmíì sì fi B ṣe olùgbọ̀wọ́ A. Ṣé mo lè lo Lọ́ra àti Yára yìí?

---

Adé_Òkèfìà, 1:50 ọ̀sán

Ẹ lè lò ó mà. Ohun tó gbà ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní olùgbọ̀wọ́ kan ṣoṣo, tàbí kó má ní rárá. Nóòdù yín ni nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, ìsopọ̀ yín ni `olugbowo_id`, òpin lísìtì sì ni ibi tí kò ti sí nǹkan kan.

---

Alágbẹ̀dẹ_C, 2:25 ọ̀sán

Mà, ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n èmi ò ní lò ó níbẹ̀. Nínú mẹ́mọ́rì, títẹ̀lé ìsopọ̀ ò gba àkókò. Nínú tiyín, ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìbéèrè kan sí dátábéèsì. Lọ́ra ń béèrè ẹ̀ẹ̀kan, Yára ń béèrè ẹ̀ẹ̀mejì, ìyẹn mẹ́ta ní ìṣísẹ̀ kan, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí Yára ti béèrè tẹ́lẹ̀ tí Lọ́ra tún ń béèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ohun kejì ni pé ọ̀nà tó gbà kọjá lọ́dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló máa yẹ̀ wò. Ẹ gbọ́dọ̀ tún un ṣe láti ọ̀dọ̀ gbogbo wọn.

Ẹ fa òpó méjèèjì yẹn jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:

```sql
SELECT id, olugbowo_id FROM omo_egbe;
```

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọmọ ẹgbẹ́ kan, ẹ gun òkè láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ìrìnàjò yẹn sàmì sí gbogbo ẹni tí ẹ bá bá lọ́nà. Tí ẹ bá kan ẹni tó ní àmì ìrìnàjò tí ẹ ń rìn lọ́wọ́ yìí gan-an, ẹ ti bọ́ sínú àyípo. Tí ẹ bá kan ẹni tó ní àmì ìrìnàjò ti tẹ́lẹ̀, ẹ dúró, ibẹ̀ ti yẹ̀ wò. Ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gba àmì ẹ̀ẹ̀kan péré. Ààyè díẹ̀ nínú mẹ́mọ́rì ni yóò ná yín, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ò sì lè tóbi débi tí ìyẹn á fi di ìṣòro.

---

Adé_Òkèfìà, 2:51 ọ̀sán

Tí wọn ò bá wá gbà á láyè láti fa gbogbo rẹ̀ jáde ńkọ́? Ìlànà Richard Brent ti 1980 wà níbẹ̀. Dípò kí Lọ́ra máa rìn, ó dúró sójú kan bí èèkàn, Yára nìkan ló ń rìn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí Yára bá ti rìn 1 láti ìdí èèkàn láìbá a pàdé, èèkàn á fò wá bá a. Lẹ́yìn náà ó di 2, ó di 4, ó di 8. Lórí àpẹẹrẹ ọmọ_Ìgbọ̀nà, èèkàn wà ní 0, ó fò sí 1, ó fò sí 3, ó fò sí 7, Yára wá gba 3, 4, 5, 6 padà dé 7. Ìsopọ̀ méjìlá lápapọ̀ (1 àti 2 àti 4 àti 5), nígbà tí Lọ́ra àti Yára lo mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó pàdé. Ó sì sọ gígùn àyípo fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, 5.

---

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́, 3:10 ọ̀sán

Mo láǹfààní láti fà á jáde. Màá ṣe ti àmì yẹn. Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin méjèèjì.

---

ọmọ_Ìgbọ̀nà, 5:22 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n Alágbẹ̀dẹ, ó ti dáhùn 3. Mo ṣe ìdánwò rẹ̀ láti orí ọ̀nà àbáwọlé 0 dé 10 àti àyípo 1 dé 10, gbogbo rẹ̀ ló tọ̀nà. Ìbéèrè tó kù ni pé nínú ètò mi gan-an, èmi ò mọ̀ọ́mọ̀ dá àyípo sílẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè fi ẹnu àyípo yìí mọ ẹni tó dá a sílẹ̀? Ṣé kí n kàn wá nóòdù tó kẹ́yìn nínú àyípo kí n fi NULL sí i?

---

Alágbẹ̀dẹ_C, 6:04 ìrọ̀lẹ́

O ṣeun tó o dán 0 wò, ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó bá kọ apá kejì pẹ̀lú `do ... while` á kúrò ní ẹnu àyípo kó tó yẹ̀ ẹ́ wò, á sì mú nóòdù tó tẹ̀ lé e wá nígbà tí ẹnu àyípo bá jẹ́ `head` fúnra rẹ̀.

Ní ti ẹni tó dá a sílẹ̀: ẹnu àyípo ni nóòdù tí méjì ń tọ́ka sí. Nínú àpẹẹrẹ rẹ, 2 àti 7 ló ń tọ́ka sí 3. Ìbéèrè tó yẹ kó o bi kóòdù rẹ ni pé, ta ló so 3 mọ́ lísìtì nígbà kejì?

Tí fọ́ńṣọ̀n rẹ bá ń fi nóòdù kún ìdí lísìtì, tí o sì fi nóòdù tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún un, èyí tó wà ní ìdí á tọ́ka sí i, ẹnu àyípo á sì bọ́ sí àárín lísìtì. Tí ó bá jẹ́ orí lísìtì lò ń fi í kún, nóòdù náà á tọ́ka sí `head` àtijọ́, òun fúnra rẹ̀ á di `head`, ẹni tó wà níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì ń tọ́ka sí i. Ẹnu àyípo á jẹ́ `head` nígbà náà. Gbogbo nóòdù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti sọnù, kò sẹ́ni tó ń tọ́ka sí wọn mọ́.

Nítorí náà, má ṣe yára gé e. Kọ́kọ́ sọ fún wa ibi tí ẹnu àyípo bọ́ sí.

---

Tóyìn_kóòdù, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ṣé kò ní dáa kó fi `n->next = NULL;` sí ìparí fọ́ńṣọ̀n tó ń fi kún ìdí? Àyípo ò lè ṣẹlẹ̀ mọ́ nìyẹn.

---

Alágbẹ̀dẹ_C, 6:41 ìrọ̀lẹ́

Àyípo ò ní ṣẹlẹ̀, àmọ́ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ dípò rẹ̀. Tún fi nóòdù 3 kún ìdí lísìtì 0 dé 7. `next` rẹ̀ di NULL. Láti `head`, wàá rí 0, 1, 2, 3, ó parí. 4, 5, 6 àti 7 ti lọ láìsí ariwo. Ètò tó há, o mọ̀ pé nǹkan ṣe é. Èyí tó ń pàdánù nóòdù mẹ́rin tí kò sọ̀rọ̀, ó lè pẹ́ kí o tó mọ̀. Kó kọ ìlà yẹn fún nóòdù tuntun, bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ kì í ṣe ìwòsàn fún nóòdù tí a so lẹ́ẹ̀mejì.

---

Adé_Òkèfìà, 7:15 alẹ́

Níbí ni ọ̀rọ̀ wa ò ti dọ́gba. Nínú ètò tó gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ lọ láìdúró, mo fara mọ́ kó gé àyípo náà, kó kọ ọ́ sínú fáìlì àkọsílẹ̀, kó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Èyí tó há ò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

---

Alágbẹ̀dẹ_C, 7:28 alẹ́

Tí lísìtì náà bá jẹ́ àkọsílẹ̀ owó, èmi á fẹ́ kó dúró. A lè má fẹnu kò lórí ìyẹn.

---

ọmọ_Ìgbọ̀nà, 8:50 alẹ́

Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò nínú ètò gan-an. Ẹnu àyípo jẹ́ `head`. Gígùn àyípo jẹ́ 13. Nóòdù 40 ló yẹ kó wà nínú lísìtì, orí lísìtì ni mo sì máa ń fi nóòdù kún.

---

Alágbẹ̀dẹ_C, 9:12 alẹ́

Ó ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ fún wa. `head` rẹ ìsinsìnyí ni nóòdù kẹtàlá nínú lísìtì kí ó tó di `head`. Àwọn méjìlá tó wà níwájú rẹ̀ nígbà yẹn wà nínú àyípo pẹ̀lú rẹ̀, ìyẹn 13. Tí 40 bá wà nígbà náà, 27 tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ti sọnù, gígé àyípo ò sì lè dá wọn padà.

Ọ̀nà méjì ló lè gbà dé bẹ̀. Ó lè jẹ́ pé o mú nóòdù tó ṣì wà nínú lísìtì, o tún fi í sórí. Ó sì lè jẹ́ pé o ti pe `free` lórí nóòdù kẹtàlá láìkọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lára èyí tó wà níwájú rẹ̀, `malloc` wá fún nóòdù tuntun ní ojú ibi kan náà. Ìyẹn wọ́pọ̀, torí ààyè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ fúnni tí ìwọ̀n rẹ̀ bá dọ́gba. Ojú kan náà ni méjèèjì ní tí a bá fi Lọ́ra àti Yára wò ó. Èyí ló máa yà wọ́n:

```
gcc -g -fsanitize=address eto.c -o eto
./eto
```

Tí ó bá jẹ́ ti `free`, ó máa kọ `heap-use-after-free`, á sì sọ ìlà tí a ti dá ààyè náà sílẹ̀, torí kì í jẹ́ kí ojú ibi náà tètè padà sọ́wọ́ `malloc`. Tí kò bá kọ ìyẹn, tí àyípo ṣì wà, a jẹ́ pé o so nóòdù kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

---

ọmọ_Ìgbọ̀nà, 9:40 alẹ́

Kò kọ `heap-use-after-free`, ẹ̀gbọ́n. Àyípo ṣì wà, 13 náà ni.

---

Alágbẹ̀dẹ_C, 9:47 alẹ́

Wá gbogbo ibi tó ti ń pe fọ́ńṣọ̀n tó ń fi nóòdù kún orí. Fi ìlà kan sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó ń tẹ àdírẹ́sì nóòdù náà jáde pẹ̀lú `%p`. Àdírẹ́sì tó bá jáde lẹ́ẹ̀mejì láìsí pé a yọ ọ́ láàárín ni tìẹ. Gbé kóòdù tó pè é nígbà kejì wá síbí lọ́la, ká jọ wò ó.